Ojú Ewé Keje Tí A Kò Kà Fún Ọ̀gá

Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹrin, mo máa ń jókòó níwájú àwọn ọ̀gá mẹ́fà tó ń darí ilé-iṣẹ́ wa ní Ọ̀tà, mo máa ń ka ìwé kan sí wọn létí. Ojú ewé mọ́kànlá ni ìwé náà. Bí mo bá ti dé ojú ewé keje, ẹnìkan á sún àga, ẹnìkan á wo aago, ẹlòmíràn á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o." Mo máa ń ṣe àmín, nítorí èmi náà kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń kà á tán, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, kí wọ́n máa pòṣé lọ. Wọ́n ní orí mi le jù. Ó le lóòótọ́. Ọjọ́ tó yẹ kó le gan-an ni kò le.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó ètò owó-ọ̀yà àwọn ọ̀gá. Àwọn aládùúgbò mi ní Sàngó rò pé èmi ni mò ń ka owó sínú àpò ìwé fún wọn lóṣooṣù. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n jẹ́ kí díẹ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọn yóò fi gba owó ni èmi ń kọ: ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gba nǹkan, iye tí yóò gbà bó bá ṣe é dáadáa, àti iye tí yóò pàdánù bí kò bá ṣe é. Ìgò oníke àti ìdérí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe. Ìgò tí ẹ fi mu omi láàárọ̀ yìí lè jẹ́ tiwa.

Owó tí òṣìṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ ń gbà kò le láti mọ̀: owó oṣù ni, àti owó àfikún bó bá ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí rẹ̀. Ti ọ̀gá àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní owó oṣù. Ó ní bónọ́ọ̀sì tó ń gbà bí ọdún kan bá dára. Lẹ́yìn èyí ni ètò ọlọ́dún mẹ́ta wá, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: lónìí, a ó ṣèlérí ìpín ilé-iṣẹ́ fún un, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ṣíà, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kàn án títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé. Ìdí ni pé ẹni tí o bá fún ní gbogbo owó rẹ̀ lónìí, kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀túnla? Yóò ta ohun tó yẹ kó tọ́jú, yóò gba bónọ́ọ̀sì, yóò sì lọ síbòmíràn. Àmọ́ bí ohun tí yóò di tirẹ̀ bá jẹ́ apá kan ilé-iṣẹ́ náà, tí kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, a ní ìgbàgbọ́ pé yóò fi ojú ẹni tó ni ín wò ó.

Kí ìpín náà tó di tirẹ̀, àfojúsùn méjì ló gbọ́dọ̀ bá. Àwọn ọ̀gá kì í pè é ní àfojúsùn, tágẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe orúkọ àna tó le. Èkínní ni pé kí èrè orí ìpín kọ̀ọ̀kan, bí a bá kó ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, fi iye kan ju bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i lọ. Èkejì ni pé kí èrè tó wọlé tó nǹkan bí a bá fi wé gbogbo owó tí a rì sínú ẹ̀rọ àti ilé. Bí kò bá dé ìsàlẹ̀ àmì, òfo ni. Bó bá kan ìsàlẹ̀ náà gan-an, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò gbà. Bó bá dé òkè, yóò gba gbogbo rẹ̀. Bó bá wà láàárín, a ó ṣírò rẹ̀. Lórí gbogbo èyí, ohun kan tún kù: ọjọ́ tí ọdún mẹ́ta náà bá pé, ó gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ìyẹn ni okùn tí a fi ń so wọ́n mọ́lẹ̀, n kò ní purọ́.

Ọ̀gá àgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ àgbègbè wa ni. Àtàn ni wọ́n bí i sí, ìdílé àgbẹ̀. Ó wọ ilé-iṣẹ́ wa ní ẹni tó ń da ike sínú ẹ̀rọ, ó ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́, ó di ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó di mánéjà, ó ń gun àkàsọ̀ náà lọ títí wọ́n fi gbé e dé orí àga tí àwọn tó ti Èkó wá nìkan ni wọ́n máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù, á ti rìn yí gbogbo ilé ẹ̀rọ ká. Á kí èyí, "Ẹ kú iṣẹ́." Á bá àwọn tó ń gbẹ́rù sọ Gẹ̀ẹ́sì Píjìn, wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rọ kan bá ń dún lọ́nà tí kò yẹ, á dúró, á tẹ́tí, á ní kí wọ́n lọ wo ibi báyìí. Ibẹ̀ náà ló sì máa ń jẹ́.

Òun ló sọ mí ní Ìyá Òfin. N kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà, inú bí mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó máa ń pè é bí ẹni pé òfin jẹ́ ohun rere tí obìnrin kan lè bí.

Ní ọdún tí a kọ́kọ́ fún un ní ìpín gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà, mo kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ sí yàrá ìpàdé lókè láti ka ìwé náà fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè wa ni mo fi ń là á yé wọn. Ọ̀kan ṣoṣo tí kì í ṣe Yorùbá nínú wọn gbọ́ ọ ju ọmọ mi lọ. Mo ka ojú ewé kìíní dé ìkẹfà, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́, wọ́n béèrè ìbéèrè, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ kí èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọdún mẹ́ta bá pé. Mo tẹnu mọ́ ọn. Mo ní bó ku ọjọ́ kan tí o fi lọ, o ti lọ tìwọ tọwọ́ òfo.

Ìgbà náà ni mo ṣí ojú ewé keje. Mo ní, "Ibí yìí ń sọ nípa bí ikú bá dé bá ọ̀kan nínú yín, tàbí tí àìsàn—"

N kò rí i parí. Ẹnìkan pariwo, "Lórúkọ Jésù!" Ẹnìkejì ní, "A kò ní rí i o!" Ẹlòmíràn yí ọwọ́ ká orí rẹ̀, ó ju afẹ́fẹ́ nù sẹ́yìn. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbọ́wọ́ sókè.

"Ìyá Òfin, ṣí i kọjá jàre. Ohun tí a kò gbàdúrà fún, kí la fẹ́ fi kíkà rẹ̀ ṣe? Ojú ewé tó kàn."

"Ọ̀gá, ó yẹ kí—"

"Ojú ewé tó kàn, màdáàmù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò jókòó níwájú àgbà mẹ́fà tí yóò máa fi ikú wọn ṣe àlàyé? Wọ́n kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ṣí i kọjá sí ìkẹjọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n fọwọ́ síwèé lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ti kà á tán, gbogbo rẹ̀ sì ti yé àwọn. Mo kó ìwé náà jọ, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọdún kìíní ètò náà lọ geere. Ọ̀gá a máa bá mi sọ̀rọ̀ nípa ohun tí yóò fi ìpín náà ṣe. Ó ní ilẹ̀ ìdílé ìyá òun wà ní ìhà Adó-Odò, odò kékeré kan sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adágún ẹja mẹ́jọ ni yóò gbẹ́ síbẹ̀. Bí ọdún mẹ́ta yìí bá pé, ó ní òun ò ní wọ bàtà aláwọ̀ mọ́ láyé òun. Mo ní kí ó fi aṣojú ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wa kó tó lọ. Ó ní ẹja àrọ̀ kan ni yóò fi ránṣẹ́.

Ní ọdún kejì ni náírà ṣubú. Ẹni tó bá ń ṣòwò ní àgbègbè wa kò nílò kí n ṣàlàyé. Òkè òkun ni ìyẹ̀fun ike tí a ń yọ́ ti ń wá, dọ́là la sì fi jẹ gbèsè rẹ̀. Èrè tí ọwọ́ wa ti tẹ̀ yọ́ dànù bí òrí inú oòrùn. Nítorí pé ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń kó pọ̀ ṣírò, kòtò ọdún kejì kò ní parẹ́. Ọdún kẹta ni yóò dí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìpín náà di òfo.

Àwọn ọ̀gá bẹ ìgbìmọ̀ owó-ọ̀yà pé kí wọ́n mú àfojúsùn náà wálẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí jẹ́ mẹ́rin nínú àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Wọ́n kọ̀. Alága wọn, ìyá àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ní, "Àwọn tó fi owó ra ìpín náà pàdánù. Kí ló dé tí tiyín ò fi ní dín?" Mo fara mọ́ ọn. Mo ṣì fara mọ́ ọn títí dòní. Bí a bá ń gbé àmì wálẹ̀ nígbàkigbà tí ọfà kò bá bà á, kí la wá fi àmì ṣe?

Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí àmì náà ń ṣe sí ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ kẹrin ti gbó, ooru rẹ̀ pọ̀, bàbá tó ń dúró tì í máa ń fi aṣọ ìnura tútù bọ ọrùn kó tó lè ṣiṣẹ́. A ní láti ra tuntun. Bẹ́ẹ̀, bí a bá ri owó ńlá sínú ẹ̀rọ tuntun lọ́dún náà, àfojúsùn kejì yóò lọ sílẹ̀, nítorí owó tó wà nínú iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, èrè kò sì tíì tẹ̀lé e. Ọ̀gá tí ẹ̀rọ máa ń bá sọ̀rọ̀, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ti rẹ̀, ní kí wọ́n rọra máa lò ó. "Lẹ́yìn oṣù kẹrin," ló máa ń sọ. Kí wọ́n kun ògiri? Lẹ́yìn oṣù kẹrin. Kí ó lọ sí Mẹ́kà? Lẹ́yìn oṣù kẹrin. N kò mọ̀ nígbà náà pé yóò sọ ọ́ fún dókítà pẹ̀lú.

Láàárín ọdún kẹta ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mo rí i lára bẹ́líìtì rẹ̀ kí n tó rí i lójú rẹ̀: ó ti lu ihò tuntun méjì sí i. Ìrìn àárọ̀ náà dín kù, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo béèrè, ó ní ibà ni. A kò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ta ni ibà kì í ṣe ní Ọ̀tà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó ti pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó wọ súwẹ́tà. Ó yẹ kí èyí tó mi láti mọ nǹkan.

"Ìyá Òfin, jókòó." Ó ń fi ìka yí bírò kan ká. "Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìdíròkò. Òun náà wà lórí irú ètò tiwa yìí. Ó fẹ́ mọ̀: bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, kí ọdún mẹ́ta tó pé, kí ni yóò rí gbà nínú ìpín náà?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń wá ọ̀gá àgbà kiri, tí wọ́n sì ń dọdẹ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti rò ó tán lójú ẹsẹ̀: wọ́n ti bá a. Ọ̀rẹ́ wo? Kò sí ọ̀rẹ́ kankan, òun fúnra rẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan ni mo rò tó jẹ́ òótọ́. Inú bí mi. Mo rò ó pé, ìwọ tí o ń sọ ti ẹja àrọ̀ fún mi, o fẹ́ fi wá sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ le. Mo sì rántí pé ìdí tí ètò náà fi wà gan-an nìyí, kí irú rẹ̀ má baà lọ. Nítorí náà mo ṣe iṣẹ́ mi.

"Kò ní rí nǹkan kan gbà, sà. Gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Pátápátá. Bó ku ọjọ́ kan péré."

"Kódà bí ìdí tó fi ń lọ bá jẹ́—"

Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi, tí n kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. "Ìdí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, sà. Ẹni tó bá lọ, ó lọ."

Ó wo bírò ọwọ́ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rẹlẹ̀. "Ó ti yé mi. Òfin ni òfin. O kú iṣẹ́, Ìyá Òfin. Ilé-iṣẹ́ yìí ò ṣì ọ́ yàn."

Mo jáde pẹ̀lú orí wíwú. Mo lọ bá mánéjà tó wà lókè mi, mo ní, "Mo ti dè é mọ́lẹ̀ fún yín. Kò ní lọ síbì kankan." A jọ mu ohun tútù lé e.

Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ojú ewé keje, mo dákẹ́. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n dákẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ, mo sọ̀rọ̀. N kò mọ òwe tí wọ́n pa fún ìyẹn. Bí mo bá béèrè ohun kan péré lọ́wọ́ rẹ̀, "Sà, kí ló ń lé ọ̀rẹ́ yín kúrò níbi iṣẹ́?", bóyá yóò sọ ọ́.

Ó dúró. Ó ṣiṣẹ́ ọdún kẹta náà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn. Ó rí àwọn tó ń ṣe ìyẹ̀fun ike nílẹ̀ wa, ó bá wọn ná an. Ó wá oníbàárà tuntun. Ó gbé iye owó ìgò lọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì pàdánù ẹnìkan. Ọdún parí. Nínú oṣù kejì, bọ́ọ̀dù jókòó láti gba ìṣirò ọdún. Ó dúró láti kà á fún wọn, ó di ẹ̀yìn àga mú títí ó fi parí. Àfojúsùn èkínní wọlé dáadáa, èkejì kan ìsàlẹ̀ àmì. Bí a ṣe pa méjèèjì pọ̀, díẹ̀ lé ní ìdajì ìpín náà ni yóò di tirẹ̀. Lẹ́yìn ohun tí náírà ṣe fún wa, iṣẹ́ ńlá ni. Alága ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wò mí láti òdìkejì tábìlì, ó na ìka méjì sókè. Oṣù méjì ló kù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ ọ̀gá dúró sẹ́nu géètì, òun kò lè sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n pè wá pé ó ti kú, a sì sin ín ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà bí Mùsùlùmí. Àwọn tó ń gbẹ́rù ló gbé e. Bàbá ẹ̀rọ kẹrin dúró lẹ́bàá sàréè, aṣọ ìnura ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbàgbé láti mú un kúrò. Mo sunkún. N kò tíì gbọ́ èyí tó kù nígbà náà.

Ibi ìsìnkú náà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni wọ́n ti rí i. Dókítà ní tí wọ́n bá tètè gbé e lọ sí Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá a, ṣùgbọ́n kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìtọ́jú náà yóò gbà tó ọdún kan. Kò sí bọ́ọ̀dù tí yóò fi àga ọ̀gá àgbà sílẹ̀ lófo fún ọdún kan, òun náà mọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun di oṣù kẹrin.

Ìgbìmọ̀ owó-ọ̀yà jókòó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Alága bi mí, "Kí ni ìwé sọ?" Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀dà ti ọ̀gá ni mo mú, èyí tó fọwọ́ sí. Àwọn ojú ewé tó kù ti rọ̀ nítorí ọwọ́, ìkeje ṣì gan bí ọjọ́ tó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde. Mo kà á sókè.

Ó sọ pé ẹni tí ikú mú lọ, tàbí ẹni tí dókítà kọ̀wé pé àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, kò rí bí ẹni tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìpín tirẹ̀ kò ní bọ́. A ó dúró de ọjọ́ tó yẹ, a ó wo ibi tí àfojúsùn dé, a ó sì ka oṣù tó fi ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rìndínlógójì. Iye oṣù tó ṣe ni yóò gbà.

Ó ti lo oṣù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i láìjiyàn. Èmi jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo ṣí ẹ̀rọ ìṣirò. Lọ́jọ́ tó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò. Ká ní ó gba ìwé dókítà lọ́jọ́ náà, kí ó sì lọ sí Ìbàdàn, oṣù mẹ́jọ péré ni ìyàtọ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyókù ì bá dúró dè é. Adágún mẹ́fà dípò mẹ́jọ, mo rò ó bẹ́ẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ ìṣirò náà, mo tún ṣí i, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, wọ́n ní kí n gbé ìwé lọ fún ìyàwó rẹ̀, kí n ṣàlàyé ohun tí yóò gbà àti ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà ní kóòtù. Ó ṣì ń ṣe opó, kì í jáde, nítorí náà ilé wọn ni mo lọ. Rọ́bà dúdú ńlá kan wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ inú adágún ẹja. Eruku ti bò ó.

Ìyàwó rẹ̀ wọ funfun. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni Ìyá Òfin?"

"Èmi ni, mà."

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní o kì í ṣìṣe."

Mo kó ojú mi sínú ìwé. Mo ka ojú ewé keje fún un ní Yorùbá, gbogbo rẹ̀, láìfo ìlà kan. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó di tẹ̀sùbáà mú. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Tún ibi tí ó ti sọ ti àìlera yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Ṣé lẹ́yìn tó kú ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. "Rárá, mà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Tẹ̀sùbáà náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Inú yàrá yẹn ni mo ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́," ló wí, ó fi ojú tọ́ka ilẹ̀kùn kan. "Oṣù kẹfà. Mo ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn. Ó gbà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bi Ìyá Òfin léèrè. Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti béèrè, kò ṣeé ṣe." Ó wò mí. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo sọ fún un pé ẹni tó bá lọ, ó lọ."

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí n kò ní ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ sọ ọ́ gbà. Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Mo fẹ́ sọ ti yàrá ìpàdé, bí gbogbo wọn ṣe pariwo, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní kí n ṣí i kọjá. Bírò ni mo nà sí i dípò. Ìyá náà kò sọ pé kò burú, kò sì bú mi. Ó gba bírò, ó fọwọ́ síbi tí mo fi hàn án, ó kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní kí n tètè máa lọ kí ọ̀nà Sàngó má baà dí mọ́ mi.

Bí mo ṣe ń kó ìwé náà padà sínú fáìlì, ó na ọwọ́. Ó ní òun kò fẹ́ ìyókù, kí n fi ojú ewé keje yẹn sílẹ̀ fún òun. Mo yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.